Lẹ́tà Tó Jọ Ti Gbájúẹ̀

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ní kí n kàn rán yín létí owó oṣù tó kọjá ni."

Obìnrin tó ń mójú tó owó sísan nílé iṣẹ́ oníbàárà wa náà dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. "A ti san án," ó wí. "Ó ti pé ọjọ́ mẹ́fà. Inú àkáǹtì tuntun yẹn náà la san án sí, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, tí ẹ ní ká má lo ti àkọ́kọ́ mọ́."

A ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ kẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la kọ̀wé sí wọn, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn, pé a ti yí báǹkì padà. Mo ní kó jọ̀wọ́ ka nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ sí mi létí. Kò tíì ka ìkẹta tán tí ara mi fi tutù, nítorí kò jọ tiwa rárá.

Èmi ni mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, mo sì rò pé mo ṣe é dáadáa. Orí ìwé tó ní àmì ilé iṣẹ́ wa ni mo kọ ọ́ sí. Ọ̀gá buwọ́ lù ú, mo lu òǹtẹ̀, mo fi lẹ́tà tí báǹkì tuntun fún wa mọ́ ọn, mo sọ gbogbo rẹ̀ di PDF, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wa 46 nínú ímeèlì kan ṣoṣo. Àdírẹ́sì gbogbo wọn tò sókè, tí kálukú fi lè rí ti ẹnìkejì. Nọ́ńbà àkáǹtì tuntun wà láàárín lẹ́tà, mo kọ ọ́ ní lẹ́tà tó dúdú kí ojú lè tètè rí i. Ní ìsàlẹ̀, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n má ṣe san owó kankan sínú ti àtijọ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Olè ti wà nínú àpótí ímeèlì ọ̀kan nínú àwọn 46 yẹn tipẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ tán ni ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn rí i pé ẹnì kan ti fi àṣẹ kan pamọ́ sínú rẹ̀: ímeèlì tó bá ti mẹ́nu kan owó sísan, kí ẹ̀dà rẹ̀ máa lọ sí àdírẹ́sì kan níta. Olóhun ò mọ̀, torí ímeèlì rẹ̀ ṣì ń wọlé bó ṣe yẹ. Báyìí ni lẹ́tà mi ṣe bọ́ sọ́wọ́ olè pẹ̀lú àmì ilé iṣẹ́ wa, òǹtẹ̀ wa, ìbuwọ́lù ọ̀gá wa, bí a ṣe ń kí èèyàn, ọjọ́ tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ wá lówó. Ó wá forúkọ àdírẹ́sì kan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jọ tiwa, àfi pé níbi tí lẹ́tà m wà nínú tiwa, r àti n tó fara mọ́ra ló wà nínú tiẹ̀. Ẹ wò ó lórí fóònù kékeré kí ẹ sọ fún mi bóyá ojú yín á mú un.

Ohun tó kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ó ní kí wọ́n má bínú, àṣìṣe wọ inú nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà tó kọ́kọ́ dé, òun ti tún un ṣe, kí wọ́n fi èyí rọ́pò rẹ̀ kí owó oṣù yìí má baà há. Ó fi PDF mi náà mọ́ ọn, nọ́ńbà nìkan ló pààrọ̀. Kò ní láti ṣàlàyé ìdí tí a fi yí báǹkì padà, torí mo ti bá a ṣàlàyé rẹ̀. Kò sì ní láti fi ìkánjú sí wọn lára, mo ti fi ọjọ́ Ajé mi ṣe ìyẹn. Lẹ́tà wa ló la ọ̀nà, òun kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

A pe báǹkì tó san owó náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Báǹkì lè bẹ èkejì rẹ̀ pé kó di owó mú, ó sì máa ń ṣeé ṣe nígbà tí owó bá ṣì wà nínú àkáǹtì tó gbà á. Ọ̀rọ̀ wákàtí nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, owó ti gba inú àkáǹtì mìíràn kọjá, ó ti lọ.

Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù rò lẹ́yìn náà nìyí. Lẹ́tà òtítọ́ lórí ìyípadà àkáǹtì àti lẹ́tà gbájúẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì: a ti yí báǹkì padà, nọ́ńbà tuntun rèé, ẹ má lo ti àtijọ́ mọ́. Kò sí ohun tí mo lè fi sínú lẹ́tà mi tí olè ò lè fi sínú tiẹ̀. Mo fẹ́ràn òǹtẹ̀, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣírò owó, àmọ́ lórí PDF, àwòrán lásán ni òǹtẹ̀. Lẹ́tà báǹkì náà, àwòrán ni. Bí mo bá wá ń sapá kí lẹ́tà mi lè jọ òtítọ́ sí i, àwòkọ ni mo ń tún ṣe fún olè.

Ẹni tó bá rò pé ilé iṣẹ́ kéékèèké nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, kó wo ti Google àti Facebook. Láàárín ọdún 2013 sí 2015, ọkùnrin ará Lituéníà kan tó ń jẹ́ Evaldas Rimasauskas mú kí àwọn méjèèjì san owó tó lé ní mílíọ̀nù 120 dọ́là sínú àkáǹtì tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. Quanta Computer, ilé iṣẹ́ kan ní Táíwánì tó ń bá wọn ṣòwò ní tòótọ́, ló fi ara rẹ̀ pè. Ó ṣe ìwé ìbéèrè owó, ìwé àdéhùn àti lẹ́tà ayédèrú, òǹtẹ̀ sì wà lára wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó forúkọ ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Látífíà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ti Táíwánì yẹn, ó sì fi orúkọ náà ṣí àkáǹtì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ní Niu Yọ́ọ̀kì dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un.

Mo sọ ti orúkọ yẹn nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé báǹkì á rí i bí orúkọ ò bá bá nọ́ńbà mu. Báǹkì mìíràn á wò ó lóòótọ́. Ní Bìrìtìkó, láti ọdún 2020 ni àwọn báǹkì ńlá ti ń fi orúkọ tí ẹni tó fẹ́ sanwó kọ wé orúkọ tó ni àkáǹtì kí owó tó kúrò. Ó dára, ó sì ti dá olè dúró níbi tó wà. Ṣùgbọ́n kò sí níbi gbogbo, pàápàá bí owó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, nọ́ńbà nìkan ló sábà máa ń darí owó níbẹ̀. Níbi tó wà náà, olè tó ṣí àkáǹtì sí orúkọ tó jọ tiyín lè rí i gbà kọjá.

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa náà gbà wá nímọ̀ràn, a sì tẹ̀ lé e. Ó fi ìlà kan sára àkọsílẹ̀ àdírẹ́sì wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì:

```
v=DMARC1; p=reject
```

Ìlà yìí ń sọ fún ẹ̀rọ tó ń gba ímeèlì pé bí ẹnikẹ́ni bá fi àdírẹ́sì wa gan-an ránṣẹ́, tí ẹ̀rí rẹ̀ ò pé, kí wọ́n dá a padà. Ó wúlò. Ṣùgbọ́n r àti n tó para pọ̀ di m kì í ṣe àdírẹ́sì wa, kò kan ìlà yìí rárá. Bí olè bá sì wà nínú àpótí ímeèlì tiwa gan-an, ẹ̀rí rẹ̀ á pé bí ẹ̀rí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, a tún ní láti yí báǹkì padà. Mo lọ bá ọ̀gá pé lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ńbà àkáǹtì ò ní sí nínú lẹ́tà. Wọ́n wò mí. "Lẹ́tà tó ń sọ pé àkáǹtì ti yí padà, tí kò sọ ibi tó yí sí? Tí wọn ò bá wá pè wá ń kọ́?"

Mo ní, "Bí wọn ò bá pè, sà, wọ́n á máa san án sínú ti àtijọ́ lọ. Àwa náà la ni ín. Owó á ṣì tọ́ wa lọ́wọ́."

Ibẹ̀ ni gbogbo ètò náà dúró lé. A sọ fún báǹkì àtijọ́ pé a ò ní ti àkáǹtì náà pa fún oṣù mẹ́fà gbáko. Owó ìtọ́jú àkáǹtì méjì lẹ́ẹ̀kan náà dun ọ̀gá díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gba ìkánjú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìkánjú ni olè ń jẹ. Oníbàárà tó mọ̀ pé kò sóhun tó máa bàjẹ́ bí òun bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wádìí, á wádìí. Èyí tí a ti sọ fún pé ọjọ́ Ajé ni òpin kò ní ráyè.

Ká tó kọ ohunkóhun, a kó ìwé àdéhùn gbogbo oníbàárà jáde láti wo nọ́ńbà fóònù wa tó wà nínú rẹ̀. Ìdí tó fi jẹ́ ìwé àdéhùn ni pé àwa àti oníbàárà la jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì ti wà nínú fáìlì wọn kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀. Olè tó gbọ́n lè kọ́kọ́ kọ̀wé ní oṣù mélòó kan ṣáájú pé nọ́ńbà fóònù wa ti yí padà, kó má mẹ́nu kan owó rárá, kí wọ́n fi tiẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá fẹ́ wádìí, òun náà ni wọ́n máa pè. Nínú ìwé àdéhùn mẹ́sàn-án, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ti kú. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ò gba lẹ́tà kankan; ẹni tí wọ́n mọ̀ lójú nínú wa ló lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn.

Oṣù méjì ṣáájú ìyípadà ni lẹ́tà náà jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí àdírẹ́sì ẹlòmíràn lórí rẹ̀. Mo kọ ọ́ kọ ọ́ kó tó tẹ́ mi lọ́rùn. Bó ṣe rí nìyí:

"A ń yí báǹkì padà. Nọ́ńbà àkáǹtì tuntun kò sí nínú lẹ́tà yìí, a kò sì ní fi ránṣẹ́ sí yín láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pè wá. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù wa nínú ìwé àdéhùn tí a jọ tọwọ́ bọ̀, kí ẹ fi pè wá. A mọ̀ọ́mọ̀ má kọ nọ́ńbà fóònù kankan síbí. Ẹ má ṣe kánjú: fún oṣù mẹ́fà láti òní, owó tí ẹ bá san sínú àkáǹtì àtijọ́ á ṣì dé ọwọ́ wa. A kò ní kọ lẹ́tà àtúnṣe. Bí òmíràn bá dé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe tiwa. Ẹ má fèsì rẹ̀, ẹ pè wá."

Gbólóhùn tó ní a kò ní kọ lẹ́tà àtúnṣe ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, torí lẹ́tà àtúnṣe ló pa wá lára nígbà àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà òtítọ́ bá ti jáde ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. Ọkàn oníbàárà ti ṣí sílẹ̀ fún ìyípadà, lẹ́tà kejì á kàn jọ ìtẹ̀síwájú èyí tó ti gbà gbọ́. A ti ilẹ̀kùn yẹn kí olè tó débẹ̀. Ó dè wá náà o: bí àṣìṣe gidi bá wọ inú lẹ́tà wa, ẹsẹ̀ la máa fi lọ tún un ṣe. Ọ̀gá àti èmi kà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó jáde.

Èèyàn mẹ́ta péré nínú wa ló láṣẹ láti dáhùn ìpè yìí. Ẹni tó ń gbé fóònù níwájú ilé mọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè àkáǹtì, ó máa gbé e fún ọ̀kan nínú wa, kò gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun. A ní ìwé kan tí a ń kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó pè, àti ẹni tó dáhùn sí.

Bí ìpè kọ̀ọ̀kan ṣe ń lọ nìyí. Akọ̀wé oníbàárà á pè. Àwọn kan á fẹ́ dán mi wò, wọ́n á bi mí ní nọ́ńbà ìwé ìbéèrè owó tó kẹ́yìn, tàbí iye tó wà lórí rẹ̀. Mo máa ń dáhùn, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé ìbéèrè yẹn ò dáàbò bò wọ́n, torí olè tó wà nínú ímeèlì mọ ìdáhùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ohun tó dáàbò bò wọ́n ni pé àwọn fúnra wọn ló ṣí ìwé àdéhùn, tí wọ́n sì tẹ nọ́ńbà. Ìdí kan náà ni a ò fi pe oníbàárà kankan láti kà á sí wọn létí. Ẹni tó gbé fóònù ò mọ ibi tí ìpè ti ń bọ̀, kódà bí ohùn bá jọ tèmi.

Lẹ́yìn náà, nígbà tó ṣì wà lórí fóònù, mo máa fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i ní kíkọ, torí èèyàn tètè máa ń ṣi nọ́ńbà gígùn gbọ́. Mo máa wá ní kó kà á sí mi létí láti orí ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ni kó kà á, kì í ṣe èmi. Bí mo bá ń kà á tí òun ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ wo ìwé náà. Bí òun bá ń kà á, tí olè sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà náà lójú ọ̀nà, nọ́ńbà olè ni mo máa gbọ́, mo sì máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé ṣebí ẹ̀rọ báǹkì á kọ̀ ọ́ bí nọ́ńbà ò bá tọ̀nà. Ẹ̀rọ ń mú àṣìṣe lóòótọ́. Nínú nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ń pè ní IBAN, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé lẹ́tà orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀ fún àyẹ̀wò: tí ẹ bá ṣi ọ̀kan tẹ̀, ìṣírò náà ò ní jáde, ẹ̀rọ á kọ̀. Àmọ́ nọ́ńbà olè kì í ṣe àṣìṣe. Àkáǹtì gidi ni, ìṣírò rẹ̀ á jáde dáadáa.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, ọ̀dọ̀ oníbàárà kan ni mo ti kọ́ ọ, a sì ti fi kún tiwa. Ó san owó kékeré kan sínú àkáǹtì tuntun náà, iye tí kò ṣe rẹ́gí, kò sì sọ iye rẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, ó fi nọ́ńbà inú ìwé àdéhùn pè wá, ó ní, "Èló lẹ rí?" Mo wo àkọsílẹ̀ báǹkì, mo sì sọ ọ́ fún un dé ẹyọ tó kéré jù. Ẹni tí kò bá ni àkáǹtì ò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Ìgbà yẹn ló tó fi nọ́ńbà tuntun sínú ètò ìsanwó wọn, ẹlòmíràn sì fọwọ́ sí i kó tó dúró.

Gbogbo rẹ̀ gba wa ní ọ̀sẹ̀ méje. Oníbàárà mẹ́rin ò pè títí a fi lọ bá wọn. Ọ̀kan, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa, gbàgbé pátápátá, ó san owó sínú àkáǹtì àtijọ́ lẹ́yìn tí a ti tì í pa. Báǹkì dá a padà fún un, ó tún un san.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn tí lẹ́tà jáde, obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pè mí. "Lẹ́tà yín kejì ti dé," ó wí, bó ṣe sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé kò gbà á gbọ́. Ó ka ibẹ̀ sí mi létí: láti gbà yín lọ́wọ́ wàhálà pípè, nọ́ńbà àkáǹtì náà rèé, bí ẹ bá sì ní ìbéèrè, ẹ pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ó ní òun gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lórí tábìlì. Tiwa ò ní nọ́ńbà kankan, èyí ní méjì.

Mo ní kó má pa á rẹ́, kó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ká lè kìlọ̀ fáwọn yòókù. Mo wá bi í bóyá kí n fi nọ́ńbà gidi ránṣẹ́ sí i nísinsìnyí, níwọ̀n bó ti wà lórí fóònù.

"Rárá o," ó ní. "Nọ́ńbà tó ti wà nínú fóònù mi ni mo fi pè yín yìí, mi ò rántí ibi tí mo ti rí i. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú ìwé àdéhùn wá ná."

Ó gé e. Mo jókòó ti fóònù títí ó fi dún.